Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ti ara aládùúgbò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

Bí ẹnìkan bá fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ara ògiri láì fi àmì kankan sí i, kí ni ẹ ó kà? Oko. Àgbẹ̀ lè kà á sí oko, ibi tí ó gbin iṣu sí. Alágbẹ̀dẹ lè kà á sí ọkọ́, irin tí a fi ń kọ ebè. Awakọ̀ yóò kà á sí ọkọ̀. Obìnrin tí ẹni rẹ̀ wà ní ìrìnàjò lè kà á sí ọkọ. A kò lè sọ pé ẹnìkan ṣì í kà nínú wọn, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró lára ògiri kò ní ẹlẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ báyìí pé: «Baba gbe oko, o fi n ko ebe», lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo wa yóò mọ̀ pé ọkọ́ ni. Ebè ni ó jẹ́rìí sí i. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ pé: «Oko naa kun fun ero, o gba ona Ajase lo», a mọ̀ pé ọkọ̀ ni, nítorí èrò àti ọ̀nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kò wo ìwé atúmọ̀ èdè kí a tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni a wò.

Ohun tí a ṣe yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa ṣe. Ó ti pẹ́ tí ọ̀mọ̀wé ará Ìlú Ọba kan, J. R. Firth, ti sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1957, pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ kan, kí ó wo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń bá rìn. Nígbà náà, kọ̀ǹpútà kò pọ̀ láyé, kò sì sí ìwé tí ó pọ̀ tó nínú wọn tí a fi lè dán ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Òní ni ó ti di iṣẹ́ ọwọ́.

Kí ni ìdí tí ó fi yẹ kí a kọ́ ẹ̀rọ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé kọ̀ǹpútà kò jẹ iṣu rí, kò sì wọ ọkọ̀ rí. Òǹkà nìkan ni ó mọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí a bá tẹ̀ sínú rẹ̀, òǹkà ni ó jẹ́ lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì jẹ́ òǹkà tí ó tò tẹ̀lé ara wọn. Nítorí náà, lójú kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ àti ọkọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì, nígbà tí ẹ̀gẹ́ àti gbágùúdá kò bá ara wọn tan rárá. Bẹ́ẹ̀ ni àwa mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ni gbágùúdá, gbágùúdá ni ẹ̀gẹ́, àwọn mìíràn sì ń pè é ní pákí. Lẹ́tà kò gbé ìtumọ̀. A ní láti wá ohun mìíràn tí yóò gbé e, tí ó sì jẹ́ òǹkà, kí ẹ̀rọ lè lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe iṣẹ́ náà fúnra wa, kí ó lè yé wa. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé a ní ìwé kékeré kan tí ó ń sọ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìrìnàjò. A mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin nínú rẹ̀: àgbàdo, iṣu, ọkọ̀, àti alùpùpù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fara hàn ní ìgbà mẹ́wàá. A wá bèèrè ìbéèrè méjì péré nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ìgbà mẹ́wàá náà, ìgbà mélòó ni «ilẹ̀» wà nítòsí rẹ̀? Ìgbà mélòó ni «ọ̀nà» wà nítòsí rẹ̀?

A kà á, a rí i pé àgbàdo ní ilẹ̀ ní ìgbà 7, ó sì ní ọ̀nà ní ìgbà 1. Iṣu ní ilẹ̀ ní ìgbà 8, ọ̀nà ní ìgbà 1. Ti ọkọ̀ yàtọ̀: ilẹ̀ ìgbà 1, ọ̀nà ìgbà 8. Alùpùpù náà ní ilẹ̀ ìgbà 1, ọ̀nà ìgbà 9.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a jáde sí gbangba, kí a dúró sí ìdí igi kan. Fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó gbé ìṣísẹ̀ kan sí ìhà ìlà oòrùn. Fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, a ó gbé ìṣísẹ̀ kan sí ìhà àríwá. Fún àgbàdo, a gbé ìṣísẹ̀ 7 sí ìlà oòrùn àti 1 sí àríwá, a sì fi òkúta kan sàmì síbẹ̀. Fún iṣu, a gbé 8 àti 1, a tún fi òkúta sílẹ̀. Òkúta méjèèjì kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ sí ara wọn. Nígbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ àti alùpùpù, àwọn náà yóò wà pa pọ̀ ní apá àríwá, ìṣísẹ̀ kan ni ó wà láàrin wọn. Ṣùgbọ́n láti ibi òkúta àgbàdo dé ibi òkúta ọkọ̀, ó ju ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án lọ.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. A kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àgbàdo àti iṣu jẹ́ oúnjẹ. A kò sọ pé ọkọ̀ àti alùpùpù ń gbé èèyàn. Kíkà nìkan ni a kà, síbẹ̀ àwọn tí ó bá ara wọn tan bọ́ sí ibì kan náà. Òǹkà méjì tí ó ń sọ ibi tí òkúta ọ̀rọ̀ kan wà, 7 àti 1 fún àgbàdo, ni èmi yóò máa pè ní ibùdó ọ̀rọ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìtumọ̀ ti di ibi tí a lè fi ẹsẹ̀ wọ̀n.

Ìbéèrè méjì kò lè tó fún èdè. Bí a bá fi iyọ̀ àti ọṣẹ kún un, méjèèjì lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ìdí igi níbẹ̀, nítorí wọn kì í sábà bá ilẹ̀ tàbí ọ̀nà rìn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń lo òǹkà púpọ̀ fún ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀ọ́dúnrún, èyíinì ni 300, ni ó wọ́pọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè rin ìrìn sí ìhà 300 ní ìdí igi, ṣùgbọ́n ìṣirò tí a fi ń wọn ìṣísẹ̀ láàrin òkúta méjì kò yí padà, kọ̀ǹpútà sì lè ṣe é láì sinmi.

Kọ̀ǹpútà kì í sì í ka aládùúgbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ti kà á yìí ní gbogbo ìgbà. Ní ọdún 2013, Tomas Mikolov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Google gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n pè ní word2vec. Eré àmọ̀ràn ni ó dà bí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ yóò fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní òǹkà 300 tí a kàn ṣà jọ láì nídìí. Lẹ́yìn náà, yóò mú gbólóhùn kan, yóò fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ nínú rẹ̀, yóò sì gbìyànjú láti ti ara àwọn tí ó kù mọ èyí tí ó pamọ́. «Ìyá lọ ... láti fi ṣe ògì.» Bí ó bá sọ pé ọkọ̀ ni, ó ṣì í. Yóò wá ti àwọn òǹkà náà síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀ díẹ̀, kí àgbàdo lè sún mọ́ ògì, kí ọkọ̀ sì jìnnà sí i. Lẹ́yìn náà, ó di gbólóhùn mìíràn. Ohun tí ó wà nínú eré yìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi pé wọ́n ṣe é lórí ìwé ìròyìn èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tó bílíọ̀nù 100, wọ́n sì rí ibùdó fún ọ̀rọ̀ àti àpólà tí ó tó mílíọ̀nù 3.

Wọ́n kíyè sí ohun kan pẹ̀lú. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi «ní», «sí» àti «ti» ń bá gbogbo ọ̀rọ̀ rìn. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ gbogbo ayé kò lè jẹ́rìí gúnmọ́ fún ẹnìkan. Nítorí náà, ẹ̀rọ a máa fo ọ̀pọ̀ nínú wọn dá bí ó bá ń ka ìwé.

Kí ni a wá lè fi ibùdó ọ̀rọ̀ ṣe? Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Ká ní àwọn kan kó ìmọ̀ràn nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ jọ sínú ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà sọ nípa àrùn tí ń ká ewé gbágùúdá kò. Àgbẹ̀ kan wá tẹ ìbéèrè sórí tẹlifóònù rẹ̀ pé: «Kí ni mo lè ṣe sí ewé ẹ̀gẹ́ tí ó ń ká kò?» Ẹ̀rọ àtijọ́ tí ń wo lẹ́tà nìkan yóò wá ọ̀rọ̀ «ẹ̀gẹ́» nínú ìwé náà, kò ní rí i, yóò sì fi ìwé náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ibùdó ọ̀rọ̀, ẹ̀gẹ́, gbágùúdá àti pákí jókòó ti ara wọn, nítorí gàrí, láfún, rírẹ àti yíyan ni ó ń bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn. Ẹ̀rọ yóò kó òǹkà gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìbéèrè náà pọ̀, yóò pín in dọ́gba, èyí yóò sì fún un ní ibùdó kan fún odindi ìbéèrè. Yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Ìwé tí ibùdó rẹ̀ bá sún mọ́ ti ìbéèrè jù lọ ni yóò kọ́kọ́ gbé wá fún àgbẹ̀ náà.

Ìkópọ̀ yìí ní àléébù tirẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi, iyọ̀ àti ata sínú ìkòkò kan kò tún lè sọ èyí tí ó kọ́kọ́ wọlé. «Ajá lé ọmọ» àti «Ọmọ lé ajá» yóò ní ibùdó kan náà gẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe kékeré fún òbí ọmọ náà.

Ohun tí ó mú òkìkí word2vec kàn jù ni ìṣirò kan. Bí a bá mú ibùdó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ọba, tí a yọ òǹkà ọkùnrin kúrò nínú rẹ̀, tí a sì fi òǹkà obìnrin kún un, ibi tí a ó bọ́ sí sún mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ọbabìnrin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹnu yà. Ó yẹ kí n fi kún un pé ètò tí ń ṣe ìṣirò náà a máa yọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a fi bèèrè kúrò kí ó tó dáhùn. Bí kò bá yọ wọ́n, ọba fúnra rẹ̀ ni ó sábà máa ń sún mọ́ ibẹ̀ jù. Kò sọ ìṣirò náà di irọ́, ṣùgbọ́n ó dín ìyanu rẹ̀ kù. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kéékèèké tí a fi ń pe ọkùnrin yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń pe obìnrin, wọ́n sì wà káàkiri nínú ìwé bí ẹlẹ́rìí. Èdè tiwa kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. «Ó dé» ni a ń sọ, ìbáà jẹ́ bàbá, ìbáà jẹ́ ìyá.

Ẹlẹ́rìí sì lè jẹ́rìí ohun tí kò dára. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà lo irú ìṣirò yìí lórí ibùdó ọ̀rọ̀ tí a rí láti inú ìwé ìròyìn wọ̀nyẹn. Wọ́n bi í pé, bí ọkùnrin bá jẹ́ ẹni tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kí ni obìnrin yóò jẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ ni ìyàwó ilé. Ẹ̀rọ kò dá èrò yìí ní. Inú ìwé tí àwọn ènìyàn kọ ni ó ti kà á. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá wá lo irú òǹkà bẹ́ẹ̀ láti fi ṣa ìwé àwọn tí ń wá iṣẹ́, obìnrin lè pàdánù iṣẹ́ láì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Àṣìṣe mìíràn wà tí ó rọrùn láti rí. Rírà àti títà jẹ́ òdìkejì ara wọn, ṣùgbọ́n ọjà, owó àti iye ni aládùúgbò àwọn méjèèjì. Gbígbóná àti títutù náà, omi àti oúnjẹ ni wọ́n jọ ń bá rìn. Nítorí náà, wọ́n máa ń jókòó ti ara wọn ní ibùdó ọ̀rọ̀. Kí ọ̀rọ̀ méjì wà nítòsí ara wọn túmọ̀ sí pé wọ́n jọ ń gbé àdúgbò kan, kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ọ̀rọ̀ ara ògiri, nítorí ibẹ̀ ni ó ti kan èdè Yorùbá gan-an. Ní ìdí igi wa, ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ́ kún un: ilẹ̀ ìgbà 9, kò ní ọ̀nà rárá. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iṣu. Ọkọ̀ wà ní tirẹ̀, 1 àti 8, lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ká wá ní ẹni tí ó kọ ìwé náà kò fi àmì sí i. Ọkọ́ di oko, ọkọ̀ náà di oko. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ó sì fara hàn ní ìgbà 20, ó ní ilẹ̀ ìgbà 10 àti ọ̀nà ìgbà 8. Bí a bá pín in sí mẹ́wàá mẹ́wàá bíi ti àwọn yòókù, yóò jẹ́ 5 àti 4. Ẹ lọ fi òkúta sí ibẹ̀, kí ẹ wò ó. Ó jìnnà sí ibi tí ọkọ́ yẹ kí ó wà ní ìṣísẹ̀ tí ó lé ní márùn-ún, ó sì jìnnà sí ibi ọkọ̀ ní iye kan náà. Ó wà láàrin pápá, kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nítòsí. Kì í ṣe ọkọ́, kì í ṣe ọkọ̀, ohun tí kò sí láyé ni. Oko tí a ń ro àti ọkọ tí ń ṣe baálé kò tíì dá sí i.

Èyí kì í ṣe àlá. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Facebook gbé ibùdó ọ̀rọ̀ jáde fún èdè 157, wọ́n pe ètò náà ní fastText, èdè Yorùbá sì wà nínú wọn. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kó ìwé tí ẹ̀rọ kà. Ní ọdún 2020, Jesujoba Alabi, David Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn méjì mú ibùdó ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, wọ́n sì dán an wò. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni kò ní àmì, ọ̀rọ̀ èdè mìíràn, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, sì ti wọ àárín wọn.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà dán an wò yẹ ní sísọ. Ìwé ìdánwò kan wà tí ó ní ìpín ọ̀rọ̀ méjì méjì, 353 ni wọ́n. Àwọn ènìyàn ti fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 10, bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ti sún mọ́ra tó. Àwọn olùwádìí náà tú u sí Yorùbá. Lẹ́yìn náà, wọ́n wò ó bóyá àwọn ìpín tí ènìyàn sọ pé ó sún mọ́ra ni ẹ̀rọ náà fi sí tòsí ara wọn. Ibùdó ọ̀rọ̀ tí a kó láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ó ní ọ̀rọ̀ tí ó lé ní 100,000, kò fi bẹ́ẹ̀ bá èrò ènìyàn mu. Wọ́n wá fi ìwé díẹ̀ tí a kọ dáadáa, tí àmì rẹ̀ pé, bíi Bíbélì, kọ́ ẹ̀rọ mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí eléyìí mọ̀ kò tó 20,000, ṣùgbọ́n ó yege jù èyí àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n tún fi ìwé mìíràn tí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ kún un, ó tún sunwọ̀n sí i díẹ̀. Pípọ̀ wúlò, ṣùgbọ́n ó ní láti wà lórí ohun tí ó mọ́.

Fún wa ní ìhà ìhín yìí, ìṣòro kan tún wà lórí èyí. Álífábẹ́ẹ̀tì èdè orílẹ̀-èdè ní Bẹ̀nẹ̀ ní lẹ́tà ɔ àti ɛ, nígbà tí ìwé tí a tẹ̀ ní Nàìjíríà ń lo ọ àti ẹ. Ará Kétu àti ará Abẹ́òkúta lè jọ ná ọjà kan náà, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kọ «ɔjà», tí èkejì kọ «ọjà», ẹ̀rọ yóò ní ọjà méjì, yóò sì pín àwọn ẹlẹ́rìí láàrin wọn. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹlẹ́rìí púpọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò tún ní èyí tí kò tó. Èyí tí ó tún burú jù ni èyí tí ojú kò rí: a lè tẹ lẹ́tà ọ̀ sínú ẹ̀rọ ní ọ̀nà tí ó ju ẹyọ kan lọ. Ẹlòmíràn yóò tẹ lẹ́tà tí ó ti ní àmì abẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ó tó fi ohùn sí i lórí. Ẹlòmíràn yóò tẹ o lásán, yóò fi àmì abẹ́ sí i, yóò sì fi ti orí sí i. Bákan náà ni wọ́n rí lójú wa, òǹkà wọn sì yàtọ̀ nínú ẹ̀rọ.

Àwọn onímọ̀ ní oògùn fún méjì nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Kí wọ́n tó fún ẹ̀rọ ní ìwé kà, wọ́n a máa yí gbogbo ọ̀nà ìtẹ̀wé padà sí ẹyọ kan. Wọ́n sì lè sọ gbogbo ɔ di ọ, nítorí lẹ́tà kan dúró fún lẹ́tà kan, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Dídá àmì ohùn padà sórí ọ̀rọ̀ tí kò ní i ni iṣẹ́ tí ó le. Ètò kan wà fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wà nítòsí ni òun náà ń wò, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí ebè bá wà, yóò fi ọkọ́ síbẹ̀, yóò sì tọ̀nà. Láti ọdún 2018 pàápàá, àwọn ètò tuntun kì í fún ọ̀rọ̀ ní ibùdó kan títí láé mọ́. Wọ́n ń ṣe ibùdó tuntun fún un nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi tẹlifóònù ránṣẹ́ pé: «Mo ti ra oko tuntun», tí kò sì fi ohun mìíràn kún un, ó lè jẹ́ oko, ó lè jẹ́ ọkọ́, ó sì lè jẹ́ ọkọ̀. «Rà» àti «tuntun» bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Ètò náà yóò mú èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú ìwé tí ó ti kà, bóyá ọkọ̀, yóò sì fi àmì sí i láì ṣiyèméjì. Ọkọ́ ni ẹni tí ó ránṣẹ́ rà.